Òfin àṣà àgbáyé nínú ẹ̀sáàmù: báwo lẹ ṣe ń wọn ìṣe àwọn orílẹ̀-èdè pẹ̀lú opíníò júrísì?

Òǹkàwé_Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀sáàmù òfin àgbáyé ti dé tán, ibi òfin àṣà yìí ni mi ò tíì mọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dáhùn ni mo máa ń kọ ọ́ pé nǹkan méjì ló ń dá a sílẹ̀, ìṣe àwọn orílẹ̀-èdè àti opíníò júrísì, ìyẹn ìgbàgbọ́ wọn pé òfin ló ní kí wọ́n ṣe é, màá wá to orúkọ ẹjọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀. Olùkọ́ wa á kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi pé "o ò wọ̀n wọ́n". Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n wọ́n gan-an?

Ìbéèrè tá a fi ń gbáradì nìyí: fún ọdún 12, orílẹ̀-èdè 58 ló ń ta aládùúgbò wọn etíkun lólobó kí ọkọ̀ tó kó ìdọ̀tí onímájèlé tó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. 31 nínú wọn wà nínú àdéhùn tó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. 6 nínú àwọn tó kù máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn pé "gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò rere" làwọn fi ṣe é. 4 ti fi sínú òfin ilé wọn. Àwọn 17 tó kù ò sọ nǹkan kan. Orílẹ̀-èdè 3 mìíràn ti kọjá láì sọ fẹ́nì kankan: ọ̀kan ní pàjáwìrì ni, ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan ní kò sófin tó dè òun. Orílẹ̀-èdè K ò sí nínú àdéhùn yẹn, ó sì fẹ́ kọjá láì sọ. Ṣé òfin àṣà dè é?

Túnjí_Ọdún3

Èyí ò le rárá. Ìṣe lo máa kọ́kọ́ wò, ṣé ó pẹ́, ṣé ó pọ̀, ṣé ó dọ́gba. Ọdún 12 pẹ́ dáadáa. 58 nínú 193 tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò tó ìdajì, torí náà ó já. Tó bá tiẹ̀ tó ìdajì, ohun tí èèyàn bá ń ṣe lemọ́lemọ́ láìdáwọ́ dúró, ó ti hàn pé ó gbà pé dandan ni, inú ìṣe yẹn náà lo ti máa rí opíníò júrísì. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, mo sì ń yege.

Baba_Òkun

Túnjí, apá kan ọ̀rọ̀ ẹ dára, apá kejì ló máa jẹ mákì ọmọ yìí run. Òótọ́ ni pé Kóòtù Àgbáyé máa ń wo inú ìṣe láti fi mọ ohun tí orílẹ̀-èdè gbà gbọ́, kò síbòmíì tí èèyàn fẹ́ lọ wò ó, ìjọba ò lọ́kàn téèyàn lè là wò. Àmọ́ pé a lè wá a níbẹ̀ kọ́ ni pé ó ti wà níbẹ̀ o. Ẹjọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ ojú ara ẹ̀ ni ẹjọ́ Òkun Àríwá ti ọdún 1969, Jámánì lápá kan, Dẹ́máàkì àti Nẹ́dálándì lápá kejì. Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín díẹ̀ torí pé gbogbo ìwọ̀n tí olùkọ́ yín ń béèrè, inú ẹ̀ ló wà.

Wọ́n ń jà lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ abẹ́ òkun. Dẹ́máàkì àti Nẹ́dálándì ní kí wọ́n fa ìlà tí gbogbo ibi tó bá gbà máa jìnnà dọ́gba sí etíkun tọ̀tún tòsì. Etíkun Jámánì kọ kòrókòtò wọnú, tí wọ́n bá fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ ìpín tiẹ̀ á kéré jọjọ. Ìlà yẹn wà nínú abala 6 àdéhùn Jẹ̀nífà ti 1958, Jámánì bu ọwọ́ lù ú àmọ́ kò fàṣẹ sí i, ìyẹn ni pé àdéhùn ò dè é. Làwọn agbẹjọ́rò bá ní kò burú, tí àdéhùn ò bá dè é, òfin àṣà ti dè é, torí ẹ wo iye àwọn tó ti ń pín in bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú àpẹẹrẹ bíi 15 wá.

Kóòtù ò wulẹ̀ bá wọn jà lórí bóyá 15 pọ̀ àbí ó kéré. Ó ṣí àwọn àpẹẹrẹ yẹn wò, ó bi ara ẹ̀ léèrè pé kí ló mú oníkálùkù ṣe é. Ó ju ìdajì lọ nínú wọn tó jẹ́ pé inú àdéhùn 1958 ni wọ́n wà tàbí wọ́n máa tó wọ̀ ọ́, àdéhùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kò sọ nǹkan kan fún wa nípa òfin àṣà. Àwọn tí ò sí nínú àdéhùn ńkọ́? Kóòtù ní a ò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe tiwọn, ìlà yẹn rọrùn láti fà, ẹnikẹ́ni lè yàn án torí pé ó bá a lára mu, kò sí ẹ̀rí kín-ún pé wọ́n rò pé òfin ló pàṣẹ ẹ̀. Páráàgíráfù 76 àti 77 nìyẹn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé ọ̀pọ̀ nǹkan làwọn orílẹ̀-èdè ń ṣe nígbà gbogbo, bí ètò ìkíni àti ayẹyẹ, tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀, ìrọ̀rùn tàbí àṣà àtijọ́ lásán ló ń mú wọn ṣe é.

Torí náà Òǹkàwé, má ṣe fi ìṣe sápá ọ̀tún kí o fi opíníò júrísì sápá òsì bí ẹni ń wo èyí tó tẹ̀wọ̀n jù. Mú ìṣe kọ̀ọ̀kan, bi í pé "kí ló mú ọ ṣe é?" Kí o tó ka iye wọn ni kó o ti béèrè.

Òǹkàwé_Òru

Háà, ẹ ṣeun gan-an bàbá. Ṣé ìyẹn ni pé àwọn 31 tó wà nínú àdéhùn nínú ìbéèrè mi, ńṣe ni n máa fagi lé wọn?

Mámà_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, ó jọ ohun tó ń ṣe mí ni. Ilé iṣẹ́ tí mo wà, ọdọọdún ni wọ́n ń fún wa lówó ìparí ọdún, ó ti pẹ́ kí n tó débẹ̀ gan-an, lọ́dún yìí wọ́n kàn ní kò sí. Ṣé mo lè fi òfin àṣà tẹ́ ẹ ń sọ yìí mú wọn? Torí ó pẹ́, ó pọ̀, ó sì dọ́gba bí Túnjí ṣe wí.

Baba_Òkun

Mámà, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ o, èyí tá à ń sọ wà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni. Tiyín, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín àti òfin iṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà ni kí lọ́yà òṣìṣẹ́ bá yín wò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ibí yìí lọ bá wọn.

Mámà_Ìbejì

Mo gbọ́ sà. Àmọ́ ẹ wò ó, ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé owó yẹn pé "ẹ̀bùn láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá". Ó jọ pé àwọn gan-an ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kíkẹ́_Lẹ́yìn_Kíláàsì

Hahaha Mámà, ẹ ti bá Òǹkàwé dáhùn apá kan! Àwọn 6 tó ń kọ "aládùúgbò rere" sínú lẹ́tà wọn nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìṣe wọn ò kéré, wọ́n ń ṣe é déédéé, àmọ́ wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ pé àánú ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá kà wọ́n mọ́ àwọn tó gba òfin gbọ́ ti ṣìrò.

Baba_Òkun

Kíkẹ́ ti sọ ọ́.

Òǹkàwé, àwọn 31, má fagi lé wọn, ìwọ̀n wọn ló máa kéré. Orílẹ̀-èdè tó bá ń pa àdéhùn ẹ̀ mọ́ ń ṣe ohun tó ṣèlérí ni, kò fi hàn pé ó rò pé òfin kan wà lẹ́yìn ìlérí yẹn tó de gbogbo ayé. Ohun kan wà tó ń mú mi rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀: bí àwọn tó ń wọ àdéhùn ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó kù níta tá a lè fi ìṣe wọn ṣe ẹ̀rí ń dín kù, àdéhùn tó gbajúmọ̀ jù ló wá ń ṣòro jù láti fi hàn pé ó ti di àṣà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀. Wo ẹni tí àwọn 31 yẹn ń ta lólobó. Tó bá jẹ́ ara wọn nìkan ni, àdéhùn nìyẹn. Tí wọ́n bá ń sọ fún aládùúgbò tí ò sí nínú àdéhùn náà, tí wọ́n sì ń lo èdè òfin nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, nǹkan ti yí padà, torí àdéhùn ò ní kí wọ́n sọ fún ẹni yẹn. Ìbéèrè ẹ ò sọ èyí. Kọ ọ́ sínú ìdáhùn ẹ pé kò sọ ọ́, kí o sọ ohun tó máa yí padà tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mákì fẹ́ràn ẹni tó rí ibi tí ìbéèrè fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdajì 193 tí Túnjí sọ ńkọ́, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan parí iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2018, wọ́n ní kí ìṣe náà tàn ká dé ìwọ̀n, kó ṣojú oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, kó sì dọ́gba, wọ́n ò dá iye kankan lé e. Wọ́n sì ní kò sí iye ọdún kan pàtó. Kóòtù pàápàá ti sọ ọ́ ní 1969 pé àkókò kúkúrú ò dí nǹkan lọ́wọ́ fúnra ẹ̀, tí ìṣe náà bá ti gbòòrò tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá, títí kan ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìyẹn ni pé nínú ìbéèrè yìí, èwo nínú àwọn 58 ló ní ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, èwo ló ní etíkun tí wọ́n ń gbà kọjá? Tí àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ àwọn tí kì í kó nǹkan kan, tí àwọn 3 tó kọ̀ sì jẹ́ àwọn tó ń kó èyí tó pọ̀ jù, 58 ò ní mì wọ́n.

Túnjí_Ọdún3

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìṣe lèèyàn máa bi léèrè pé "kí ló mú ọ ṣe é", kò sí òfin àṣà tó máa dá sílẹ̀ láéláé. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe nǹkan kan, báwo ló ṣe máa gbà pé òfin ni nígbà tí òfin ọ̀hún ò tíì sí? Ṣé ó ń parọ́ fúnra ẹ̀ ni?

Baba_Òkun

Ìbéèrè gidi lèyí, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bá a jà tipẹ́, wọn ò sì yanjú ẹ̀ tán. Bí mo ṣe ń rí i ni mo máa sọ. Ní 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, Tírúmánì, ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde pé ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ abẹ́ òkun tó so mọ́ etíkun wọn, abẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà ló wà. Ọjọ́ yẹn, kò sófin tó fún un. Àmọ́ kò sọ pé "mo fẹ́ ẹ, mo gbà á", ńṣe ló gbé e kalẹ̀ bí ẹ̀tọ́ tó bófin mu, tó sì bọ́gbọ́n mu. Àwọn míì lè pariwo. Dípò ìyẹn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde tiwọn. Nígbà tó fi máa di 1958 ó ti wọnú àdéhùn, ní 1969 Kóòtù sì tọ́ka sí ìkéde yẹn pé ibẹ̀ lòfin tó wà báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún òfin ni, àwọn tó kù ló ń dá a lóhùn nípa bí wọ́n ṣe ṣe. Ìgbà tí ìdáhùn bá ti kúrò ní "ó dára bẹ́ẹ̀" tó di "ẹ̀tọ́ ni", òfin ti dé. Ọjọ́ wo gan-an? Kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ọ.

Àlàbí_Aríwísí

Gbogbo ẹ dùn létí. Àmọ́ ẹ sọ fún ọmọ yìí pé Kóòtù fúnra ẹ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Nikarágúà àti Amẹ́ríkà, 1986, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òfin àṣà kọ lílo ipá, ìwé ìpinnu Àpéjọ Gbogbogbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan ni wọ́n gbé jókòó, 2625 ti ọdún 1970 ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ ìṣe ò gùn níbẹ̀ rárá. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Niu Yọ́ọ̀kì ni wọ́n sọ di ìgbàgbọ́. Níbi tó bá wù wọ́n wọ́n á le koko bíi 1969, níbi tí ò bá wù wọ́n wọ́n á fò ó.

Baba_Òkun

Mi ò lè sọ pé irọ́ lo pa. Ọ̀pọ̀ ló ti fi èyí bú ìdájọ́ yẹn. Àmọ́ ohun kan wà nínú Nikarágúà tí ọmọ yìí nílò fún àwọn 3 tó kọ̀, ó sì lágbára ju ọ̀rọ̀ ìwé ìpinnu lọ. Páráàgíráfù 186. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè ń lo ipá síra wọn, tó bá jẹ́ ìṣe nìkan la fẹ́ wò, òfin yẹn ti kú. Kóòtù ní kò pọn dandan kí ìṣe bá òfin mu pátápátá láìyẹsẹ̀. Tí orílẹ̀-èdè kan bá ṣe ohun tó lòdì sí i, ká kà á sí pé ó rú òfin, kì í ṣe pé òfin tuntun ń bọ̀. Tó bá sì wá ń gbèjà ara ẹ̀ pé òun wà lábẹ́ àyè tí òfin fi sílẹ̀, òun gan-an ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí sí òfin yẹn, ì báà jẹ́ òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀, ì báà jẹ́ irọ́. Amẹ́ríkà ò sọ níbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni láti wọ ilé onílé, ohun tó gbé wá ni pé òun ń gbèjà Ẹ̀l Sáfádọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdálóró. Ó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri. Àmọ́ ìjọba wo lo ti gbọ́ tó jáde pé "bẹ́ẹ̀ ni, à ń dá wọn lóró, ẹ̀tọ́ wa ni"? Wọ́n á sẹ́, tàbí kí wọ́n ní ohun tí àwọn ṣe kì í ṣe ìdálóró. Ní 2012, nínú ẹjọ́ Bẹ́ljíọ̀mù àti Sẹ̀nẹ̀gà, Kóòtù sọ ọ́ kedere pé òfin àṣà ti kà á léèwọ̀.

Wàyí o, mú àwọn 3 yẹn. Ẹni tó ní pàjáwìrì ni, kò sọ pé kò sófin. Ó ń sọ pé òfin wà àmọ́ lọ́jọ́ yẹn òun ní àwíjàre. Kà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbà. Ẹni tó dákẹ́, fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tó ní kò sófin tó dè òun, òun nìkan ló lòdì lóòótọ́. Ohun míì tí wọn kì í rántí kọ, àwọn aládùúgbò tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣé wọ́n pariwo? Tí wọ́n bá pariwo, kí ni wọ́n sọ? "Ìwà yín ò dáa" àti "ẹ ti rú òfin àgbáyé", ìwọ̀n wọn ò dọ́gba rárá.

Kíkẹ́_Lẹ́yìn_Kíláàsì

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹni tó dákẹ́ àti àwọn 17 yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹjọ́ Lótọ́ọ̀sì kọ́ la fi ń dáhùn ìyẹn?

Baba_Òkun

Òun ni, fún àìṣe. Ọdún 1926, ọkọ̀ Faransé tó ń jẹ́ Lótọ́ọ̀sì kọlu ọkọ̀ Tọ́kì lójú òkun, ọmọ Tọ́kì 8 kú. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, Tọ́kì mú ọ̀gá ọkọ̀ Faransé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, wọ́n bá a ṣẹjọ́. Faransé ní òfin àṣà ò gbà á, ẹ wò ó, àwọn orílẹ̀-èdè kì í bá atukọ̀ ọkọ̀ tó ta àsíá orílẹ̀-èdè míì ṣẹjọ́ ọ̀daràn lórí ìkọlù ojú òkun. Kóòtù ìgbà yẹn dáhùn lọ́dún 1927 pé tó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé wọn kì í ṣe é, ohun tó fi hàn kò ju pé wọn kì í ṣe é lọ. Àfi tí wọ́n bá jáwọ́ torí wọ́n mọ̀ pé ojúṣe wọn ni láti jáwọ́. Ìbò dọ́gba 6 sí 6, ohùn ààrẹ kóòtù ló ṣẹ́ ẹ. Torí náà kò tí ì fìgbà kan rọrùn.

Ẹ wá wo ti bọ́ǹbù átọ́mù ní 1996. Kò sẹ́ni tó ti jù ú lójú ogun láti 1945. Àwọn kan ní ẹ rí i, òfin àṣà ti kà á léèwọ̀. Àwọn tó ni bọ́ǹbù ní rárá, ìgbà tó yẹ ká jù ú ni ò tíì dé, a sì ń fi dẹ́rù ba ọ̀tá lójoojúmọ́. Kóòtù ní ayé pín sí méjì gidigidi lórí ohun tí àìlò yẹn túmọ̀ sí, àwọn ò lè rí opíníò júrísì níbẹ̀. Àwọn ìpinnu Àpéjọ Gbogbogbò wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó dìbò kọ̀ ọ́ àti àwọn tí ò dìbò pọ̀ nínú ẹ̀. Nítorí náà Àlàbí, irú ìpinnu tí o ní wọ́n sọ di ìgbàgbọ́ ní 1986, wọ́n wò ó dáadáa ní 1996.

Àlàbí_Aríwísí

Wọ́n wò ó torí pé àwọn alágbára ló dìbò kọ̀ ọ́.

Òǹkàwé_Òru

Ẹ má jà o 😂 Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí tí mo kọ:

"Ìṣe wà, ó sì dọ́gba níwọ̀n, torí 58 ń ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ pé òfin ò sí. Àmọ́ nígbà tá a bá béèrè ìdí, 31 ń tẹ̀ lé àdéhùn, 6 ní ìwà rere ni, 17 ò sọ ìdí kankan, èyí sì jọ ẹjọ́ Òkun Àríwá tí Kóòtù ti kọ̀ láti ro ìdí fún àwọn tó dákẹ́. Ó ku àwọn 4 tó fi sínú òfin ilé wọn àti ẹni tó sọ̀rọ̀ pàjáwìrì, gẹ́gẹ́ bíi Nikarágúà. Wọ́n gbà pé òfin ni. Àwọn 5 yìí kéré. Torí náà òfin àṣà ò tíì dè K."

Baba_Òkun

O ti wọ̀n wọ́n! Gbólóhùn "wọ́n gbà pé òfin ni" nìkan ni mo fẹ́ kó o tún ṣe, o sáré níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó fi nǹkan sínú òfin ilé ẹ̀ lè ṣe é torí pé òfin àgbáyé ní kó ṣe é, ó sì lè ṣe é torí pé ó wu àwọn aṣòfin ẹ̀ láti dáàbò bo ẹja. Wo bóyá òfin náà sọ ìdí, bóyá mínísítà sọ nǹkan nígbà tó ń gbé e wá síwájú ilé. Ìbéèrè ò fi hàn ẹ́, kọ pé "ó lè fi hàn pé, tí òfin náà bá sọ pé ojúṣe àgbáyé ni wọ́n ń mú ṣẹ". Má sì sọ ohun tí òfin ilé jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé ó jẹ́ ìṣe àti pé ó jẹ́ ìgbàgbọ́, láì sọ ohun tó sọ ọ́ di ìkejì. Ìgbìmọ̀ 2018 ní kí èèyàn wá ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Fi gbólóhùn kan sí i fún K: tí adájọ́ bá tiẹ̀ ní òfin ti wà, ṣé K ti ń kọ̀ ọ́ tẹnu tẹnu látìgbà tó ti ń dìde? Nọ́wè jàǹfààní ìyẹn ní 1951 nínú ẹjọ́ ẹja pẹ̀lú Bìrìtìkó, tórí Nọ́wè ò gbà kí wọ́n fi òfin máìlì mẹ́wàá de etíkun ẹ̀ nígbà kankan. Tí K bá dákẹ́ títí dọjọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀ máa kọjá, ó ti pẹ́ jù.

Kíkẹ́_Lẹ́yìn_Kíláàsì

Ṣé dídákẹ́ K àti ti àwọn 17 ò wá jọ ara wọn báyìí? Ẹ ní ti àwọn 17 ò sọ nǹkan kan, ẹ wá ní ti K máa pa á lára.

Baba_Òkun

Ojú ẹ mọ́lẹ̀. Àwọn 17 ń ṣe nǹkan láì sọ ìdí. K ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ nǹkan di òfin lé òun lórí, kò sì fèsì. Ìgbìmọ̀ 2018 gbà pé àìfèsì fún ìgbà pípẹ́ lè jẹ́ ẹ̀rí pé orílẹ̀-èdè gbà, tó bá wà nípò tó lè fèsì, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ èyí tó yẹ kó fèsì sí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé.

Àlàbí_Aríwísí

"Nípò tó lè fèsì" yẹn gan-an ni ìjà mi. Orílẹ̀-èdè kékeré tó ní lọ́yà òfin àgbáyé díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ẹ̀, ṣé gbogbo ìkéde tí àwọn ńlá bá ṣe ló fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí? Ó dákẹ́ torí kò sí ẹni tó máa kọ ọ́, ẹ wá ní ó gbà. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ló máa máa ṣòfin àṣà nìyẹn.

Baba_Òkun

Kò sí ìdájọ́ tí mo lè fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lórí ìyẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n má ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí rárá àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá kan orílẹ̀-èdè yẹn ní tààrà, àwọn kan ní tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ òfin àṣà ò ní máa dìde mọ́. Èmi wà láàárín. Òǹkàwé, tí ààyè bá wà nínú ìwé ẹ, fi àríyànjiyàn Àlàbí síbẹ̀ ní ìlà méjì, lórí ti ẹni kejì nínú àwọn 3 tó dákẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ti wúlò, torí òun ni aládùúgbò ń bi léèrè tí ò fèsì.

Túnjí_Ọdún3

Èmi ṣì rò pé 17 tó ń ṣe nǹkan kan náà fún ọdún 12 láì sẹ́ni tó fipá mú wọn ju "kò sọ nǹkan kan" lọ. Tó bá jẹ́ ohun tó ń ná wọn lówó, tó ń fa ọkọ̀ wọn sẹ́yìn, kí ni wọ́n ń ṣe é fún?

Baba_Òkun

Èyí ló dáa jù nínú gbogbo ohun tó o ti sọ látàárọ̀. Ìṣe tó ń ni ẹni tó ń ṣe é lára ṣòro láti pè ní ìrọ̀rùn. Ìlà tó dọ́gba ní Òkun Àríwá, ó rọrùn fún àwọn tó lò ó, ìdí tí Kóòtù fi rí ìdí míì fún un nìyẹn. Òǹkàwé, tó o bá fẹ́ dá K lẹ́bi dípò kó o dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni kó o gbà wọlé: fi hàn pé sísọ tẹ́lẹ̀ ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń fa àtakò aládùúgbò, kò sí àǹfààní kan nínú ẹ̀ fún ẹni tó ń sọ. Kò ní dá ìgbàgbọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, àmọ́ á dín àwọn ìdí míì kù.

Òǹkàwé_Òru

Mo ti kọ ọ́ méjèèjì, ti ẹ̀bi àti ti àre. Túnjí o ṣeun, mo fi tìẹ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀, ẹ bá mi dé orí àwọn àdéhùn lọ́la tẹ́ ẹ bá ráyè, abala 31 àti 32 àdéhùn Fiẹ́nà lórí bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ àdéhùn ló kù fún mi.